Odó Tó Ń Dún Lóru: Bí A Ṣe Fi Ẹ̀rù Sínú Géèmù Kan ní Adó-Èkìtì

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16 kan ló kọ́kọ́ jókòó ti géèmù náà. Ó gba páàdì, ó wọ inú ilé tí a yà síbẹ̀, ó yìnbọn pa gbogbo ohun tó ń mí níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 11, ó wá yíjú sí àbúrò mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ó ti parí nìyẹn?" Géèmù ẹ̀rù ni a pè é o. Oṣù 5 ni àbúrò mi fi kọ ọ́.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kékeré kan ní Ajílósùn, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń sanwó gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Àbúrò mi ló ń kọ géèmù. Godot ló fi ń kọ ọ́, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo ń bá a wá ohùn. Ìtàn inú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọmọbìnrin kan padà sí ilé ìyá rẹ̀ àgbà lálẹ́, ilé náà ní yàrá 9 àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, àwọn abàmì kan sì ti gba ibẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ 3 ló gbọ́dọ̀ rí kó tó lè jáde. Alẹ́ 3 ni a fi gbé e fún àwọn ènìyàn, ẹni 5 lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Láti alẹ́ kìíní dé ìkẹta, a ò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan àwòrán. Iye ọta ìbọn, ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà séèfù ibi tó dé, àti ohùn ni a tún ṣe jù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ọta ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí òun ló kọ́kọ́ tú àṣírí wa. Lálẹ́ kìíní, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ, a jókòó ṣe ìṣirò tó yẹ ká ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Abàmì 14 ló wà nínú ilé náà. Ọta 4 ló ń pa ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ṣi ìbọn yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa nílò ọta 56 láti pa gbogbo wọn. Mélòó ni a kó sílẹ̀ fún un? 80. Ẹni tó bá ń ṣi ọ̀kan yìn nínú mẹ́rin pàápàá, á pa gbogbo wọn tán, ọta 5 á sì ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló wá fẹ́ bẹ̀rù?

Àbúrò mi ní ká sọ àwọn abàmì náà di alágbára sí i. Mo ní rárá. Mo rántí Resident Evil, géèmù ẹ̀rù tí Capcom gbé jáde lọ́dún 1996, tí Shinji Mikami darí. Àwọn òkú tó ń rìn nínú ilé ńlá yẹn kò yára, wọn kò sì gbọ́n. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀ ni pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà lo máa gbà kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, torí kọ́kọ́rọ́ tó o rí ní òkè, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Òkú tó o fi sílẹ̀ láìpa, ibẹ̀ lo máa padà wá bá a. Èyí tó o sì pa, ó ti jẹ ọta tó o máa nílò lọ́la. Ẹrù tí ènìyàn lè gbé pàápàá níye: nínú àwọn méjì tí ènìyàn lè yàn láti fi gbá a, àyè 6 ni Chris ní, Jill ní 8, ọta gan-an sì ń gba àyè nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹni tó ń gbá géèmù náà kì í bi ara rẹ̀ pé "ṣé mo lè pa eléyìí?" Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé "ẹ̀ẹ̀melòó ni mo tún máa gba ibí yìí kọjá?" Kò sì mọ̀. Àìmọ̀ yẹn ni ẹ̀rù ń gbé.

A wá ṣe àṣejù. Nínú ẹ̀dà kejì, a gé ọta sí 20. Ọta 20 ò lè pa ju abàmì 5 lọ, ìyẹn náà bí ọwọ́ ẹni bá dúró sán-ún. A gbàgbé pé yàrá tí kọ́kọ́rọ́ kẹta wà ń ti ara rẹ̀ pa bí ènìyàn bá ti wọlé, tí abàmì 2 á sì jáde níbẹ̀. Kò sí ibi tí ènìyàn lè sá gbà. Ọta 8 ni yàrá yẹn ń béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù, ó fẹ́ ó kọ̀. Nínú ẹni 5 tó wá lálẹ́ kejì, 3 dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọta tí kò tó 4. Ọ̀kan ò ní ẹyọ kan. Ó ń yí tábìlì po, wọ́n mú un. Ó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún mú un. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kò yí tábìlì mọ́. Ó kàn sáré lọ bá wọn.

Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń sáré lọ bá ikú kò bẹ̀rù mọ́, inú ló ń bí i. Ara ènìyàn ń sọ ọ́ kí ẹnu tó sọ ọ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń tẹ̀ síwájú lórí àga, ọ̀rọ̀ á dákẹ́ lẹ́nu rẹ̀, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn fún ìgbà pípẹ́ kó tó ṣí i, ojú rẹ̀ á sì máa lọ síbi tí iye ọta wà. Ẹni tí inú ń bí máa ń fẹ̀yìn ti àga, á mí kanlẹ̀, á sì ní kí wọ́n bá òun gbé omi wá. Lálẹ́ kejì, omi púpọ̀ ni wọ́n mu.

Nínú ẹ̀dà kẹta, ọta di 36. Ìyẹn lè pa abàmì 9 nínú 14. Àwọn 2 inú yàrá kọ́kọ́rọ́ kẹta nìkan ló di dandan. 5 wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ènìyàn ń gbà kọjá léraléra. Àwọn 7 yòókù, ẹni tó bá fara balẹ̀ lè yọ́ kọjá lẹ́yìn wọn. Àbúrò mi fẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà díẹ̀ kí yíyọ́ kọjá lè ṣeé ṣe, àmọ́ kó má rọrùn. Ó tún fi dúrọ́ọ̀ kan sí yàrá kọ́kọ́rọ́ kẹta, tó ń wo iye ọta ọwọ́ ẹni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí:

```
if ota < 8:
    duroa.ota = 8 - ota
```

Ẹni tó bá ti ní 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣáná ló máa bá nínú dúrọ́ọ̀ náà. A ò jẹ́ kó ṣófo, torí dúrọ́ọ̀ tó ṣófo á jẹ́ kó fura pé ẹnì kan ń wo àpò òun. Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n máa fún òun ní ọta kò ní ṣọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ìṣirò á sì bàjẹ́. Resident Evil 4 ti ọdún 2005 náà ń ṣe irú èyí ní ìkọ̀kọ̀: ó ń wo bí nǹkan ṣe ń lọ fún ẹni tó ń gbá a, ó sì ń dẹ nǹkan lára tàbí kó mú un le láìsọ fún un. Àánú tí a kò rí ni. Láìsí i, àìtó ọta á di ìwà ìkà.

Lálẹ́ kẹta, obìnrin kan tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì wa gbá géèmù náà parí, ọta 17 sì ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Abàmì 4 péré ló pa. Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí kò lo èyí tó kù. Ó ní òun rò pé ohun tó burú jù ṣì wà níwájú. Kò sí nǹkan kan níwájú. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ohun tó burú jù yẹn sílẹ̀ lọ́kàn, ó sì ń gbé e kiri láti yàrá dé yàrá.

Ọ̀rọ̀ séèfù ló le jù fún wa, torí ibẹ̀ ni Èkìtì fúnra rẹ̀ ti dá sí i.

Nínú ẹ̀dà kìíní, géèmù ń séèfù fúnra rẹ̀ ní gbogbo ẹnu ilẹ̀kùn. Bí abàmì bá pa ọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 lo pàdánù. Ikú tí kò wọ́n báyẹn kì í dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Nínú ẹ̀dà kejì, a wá fi ibi ìséèfù kan ṣoṣo sí ilé ìdáná, a sì ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ènìyàn lè lò ó. Ohun tí a fẹ́ ni irú èyí tó wà nínú Resident Evil àkọ́kọ́: ẹ̀rọ táìpù lo fi ń séèfù níbẹ̀, ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ sì níye, ọ̀kan ń lọ nígbàkígbà tó o bá séèfù. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ènìyàn lè sinmi. Ó ti rí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀jẹ̀ ti ń tán lára rẹ̀, ó wá dúró níwájú ẹ̀rọ táìpù ó ń rò ó: ṣé kí n lò ó báyìí, àbí kí n mú sùúrù?

Lálẹ́ kejì, ọ̀gbẹ́ni kan ti gbá géèmù náà fún ìṣẹ́jú 35. Ó ti rí kọ́kọ́rọ́ 2. Ó ń rọra lọ, ó tẹ̀ síwájú lórí àga, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Gbogbo àmì tí mo ń wá ló wà lára rẹ̀. Wọ́n bá mú iná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù àbúrò mi ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, iná mànàmáná ló ń gbé e ró. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Ọ̀gbẹ́ni náà kò pariwo. Ó gbé páàdì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní "ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," ó sì lọ. A pè é fún alẹ́ kẹta, kò wá.

Ó dùn mí gan-an. Mo rò ó títí di ọjọ́ kejì kí n tó rí ohun tó wà níbẹ̀. Séèfù tó níye ń dẹ́rù bani nígbà tí àdánù bá ti inú ìpinnu ẹni wá: mo mọ̀ pé ó yẹ kí n padà, mo tún lọ síwájú, wọ́n sì mú mi. Iná tó lọ kò ti inú ìpinnu ẹnikẹ́ni wá. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti bẹ́ẹ̀ ṣòfò lẹ́ẹ̀kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù iná, ọkàn rẹ̀ á sì kúrò lára abàmì. Ẹni tó kọ géèmù níbi tí iná kì í lọ lè má ronú nípa èyí láéláé. Àwa kò lè ṣàìronú nípa rẹ̀.

Nítorí náà a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni séèfù gidi. Àtùpà ìyá àgbà ni a fi ṣe é. Àtùpà 3 ló wà nílé náà, kẹrosíìnì 4 ló sì wà káàkiri, ọ̀kan fún séèfù kan. A yá nǹkan kan nínú Alien: Isolation ti ọdún 2014, níbi tí ènìyàn ti ní láti fi káàdì sínú ẹ̀rọ lára ògiri, kó dúró de iná kéékèèké 3 kí séèfù tó wọlé, tí ohun tó ń lé e sì lè mú un níbi tó dúró sí. Tiwa gba ìṣẹ́jú àáyá 4: ọmọbìnrin náà á kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, á bu kẹrosíìnì, á ṣáná. Ìṣẹ́jú àáyá 4 kò jọ nǹkan kan létí. Nígbà tó o bá kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn, ó gùn.

Ìkejì ni ìdádúró, tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹ̀rù. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 10, géèmù ń kọ ibi tí ènìyàn wà sínú fáìlì mìíràn. Bí iná bá lọ, tí ó sì padà, ibẹ̀ náà ni géèmù á gbé e sí, á sì dúró gbagidi títí tí yóò fi tẹ bọ́tìnnì, kí abàmì má baà jẹ ẹ́ kí ojú rẹ̀ tó là. Àbùkù kan fara hàn kíákíá: bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ fáìlì náà lọ́wọ́, fáìlì á bàjẹ́ láàbọ̀, kò sì ní ṣí mọ́. Àbúrò mi wá ń kọ ọ́ sí `user://idaduro.tmp` ná. Ìgbà tó bá kọ ọ́ tán ló ń yí orúkọ rẹ̀ padà sí `user://idaduro.sav`. Bí iná bá lọ láàárín méjì, èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣì wà lódindi. Bí ènìyàn bá kú, ìdádúró á pa rẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí ọwọ́ abàmì bá bà á, kí àwòrán ikú tó bẹ̀rẹ̀, kí ọlọ́gbọ́n kan má baà fa wáyà yọ láti sá fún ikú. A ò pa á rẹ́ nígbà tí géèmù bá ṣí, torí iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè tún lọ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹni tó bá mọ ibi tí fáìlì wà lè dà á kọ sí ibòmíràn kó sì fi rẹ́ wa jẹ. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́.

Èyí tó kù ni ohùn, òun sì ni tèmi.

Nínú ẹ̀dà kìíní, orin ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlù wúwo àti ohùn tó ń gbọ̀n, bí ẹni ń sọ fún ènìyàn ní gbogbo ìgbà pé "bẹ̀rù, bẹ̀rù." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3, etí kì í gbọ́ ọ mọ́. Ohun tó burú jù ni pé ó bo gbogbo ohùn kéékèèké mọ́lẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò pátápátá. Mo mú fóònù mi, mo lọ sí ilé ìyá wa àgbà ní Ìyìn, mo sì sùn síbẹ̀ lálẹ́ 2. Mo gba ohùn sálúbàtà tó ń wọ́ lórí símẹ́ńtì. Mo gba ilẹ̀kùn. Mo gba páànù òrùlé: bí oòrùn bá ti wọ̀, tí páànù ń tutù, á máa ta kẹ́ẹ̀, á dákẹ́, á tún ta ní ìhà kejì bí ẹni pé nǹkan ń rìn lókè. Ìyá àgbà ń wò mí tí mo na fóònù sí òrùlé, wọ́n ní, "Ṣé ara rẹ yá, ọmọ mi?"

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ odó. Aládùúgbò wọn ń gún iyán nírọ̀lẹ́, ohùn náà sì ń gba orí ọgbà wọlé. Kò sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ ohùn yẹn. Ilé ni, oúnjẹ ni, ẹnì kan wà nílé ni. Mo wá rò ó pé: bí aago 2 òru bá lù, tí odó sì ń dún nínú ilé tó yẹ kó ṣófo ńkọ́?

Abàmì tó tóbi jù nínú géèmù náà la fún ní odó. Kì í yára. Níbikíbi tó bá wà, ọmọ odó ń ròkè ó ń bọ́ sílẹ̀, ènìyàn á sì máa fi etí díwọ̀n bó ṣe jìnnà tó. Bí ó bá rí ọ, odó á dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀. Silent Hill ti ọdún 1999 ló ṣí mi lójú sí èyí. Rédíò kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń hó bí abàmì bá sún mọ́. Ó ń sọ fún ọ pé nǹkan wà nítòsí, kò sì sọ ibi tó wà. Òfin tí mo fà yọ níbẹ̀, n kò sì gbà kí àbúrò mi rú u, ni pé ohùn kò gbọ́dọ̀ purọ́. Ó fẹ́ kí odó máa dún lásán nígbà mìíràn láti fi dẹ́rù bani. Mo kọ̀. Ìgbà tí ènìyàn bá gbọ́ odó lẹ́ẹ̀mejì tí kò sí nǹkan kan, kò ní tẹ́tí mọ́ nígbà kẹta, ẹni tí kò bá sì tẹ́tí ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Iṣẹ́ ọwọ́ méjì ló kù níbẹ̀. Ohùn odó kan ṣoṣo tó ń tún ara rẹ̀ ṣe dà bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Mo gba gbígún 6 tó yàtọ̀ síra, àbúrò mi sì ń yí bí ohùn ṣe ga àti bí àkókò ṣe jìn síra padà díẹ̀díẹ̀:

```
$Odo.pitch_scale = randf_range(0.94, 1.06)
$Aago.wait_time = randf_range(0.8, 1.3)
```

Ìkejì ni pé ìró ńlá tó wà nísàlẹ̀ ohùn odó, èyí tí àyà ń gbọ́, kì í jáde lára sípíkà kékeré láptọ́ọ̀pù. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá tún ń dún, ìwọ̀nba tó jáde pàápàá á pòórá. Mo padà lọ gba ìró ọmọ odó nìkan, níbi tó ti ń kan etí odó, igi sí igi, "kó." Ìyẹn ga sókè, sípíkà kékeré ń gbé e, ó sì ń là kọjá láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀. Mo fi sí orí ti ìṣáájú ní ìwọ̀n kékeré. Láti ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn ti ń gbọ́ ọ, ì báà jẹ́ lórí íápíìsì tàbí láìlò ó.

Lálẹ́ kẹta, ẹni 4 nínú 5 gbá géèmù náà parí, ẹni tó yára jù lo ìṣẹ́jú 48. Ọmọ ọdún 16 ọjọ́ kìíní náà wà lára wọn. Ìgbà tó gbọ́ tí odó dákẹ́, ó yọ ọwọ́ kúrò lórí páàdì pátápátá, ó gbé e lé orúnkún, kò rìn, kò yìnbọn, kò sì mọ̀ pé òun ti gbé ọwọ́ kúrò.

Wàhálà kan ló wà tí a kò rí ojútùú sí. Ní nǹkan bí aago 8 alẹ́ ọjọ́ náà, aránṣọ yẹn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú géèmù, kẹrosíìnì kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró. Ó dúró fún ìṣẹ́jú 4 gbáko. Mo wo ẹ̀rọ, abàmì náà wà ní òpin ilé lọ́hùn-ún, odó rẹ̀ kò tilẹ̀ dún dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fọwọ́ tọ́ ọ, mo ní, "Àǹtí, kí ló dé?" Ó yọ íápíìsì létí kan, ó ní, "Ẹ ò gbọ́ ni? Ó ti sún mọ́." Mo tẹ́tí. Lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀bù, ìyá kan ń gún iyán.

A dá géèmù dúró. A dúró títí aago 10 fi lù, tí gbogbo àdúgbò ti jẹun tán, kó tó tún gba páàdì.